Bí ẹ ṣe lè kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pí-jí tuntun káàbọ̀ sí dípátímẹ́ǹtì, kí òfin sì wọ̀ wọ́n létí

Ẹ̀yin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ di kọdinétọ̀ pí-jí, ẹ kú oríire o, ẹ sì kú wàhálà. Kò sẹ́ni tó ń kọ́ èèyàn níṣẹ́ yìí, wọ́n á kàn fi lẹ́tà kan ránṣẹ́ pé láti òní lọ ìwọ ni, ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà wọ́n á ní ọjọ́ ìkínikáàbọ̀ ti dé, kí o wá bá àwọn ọmọ tuntun sọ̀rọ̀. Dípátímẹ́ǹtì tí wọ́n ti ń kọ́ èdè Yorùbá àti ìmọ̀ ẹ̀dá èdè lèmi wà, a ń gba àwọn tó fẹ́ ṣe másítà àtàwọn tó fẹ́ gboyè ọ̀mọ̀wé, ẹni tó bá sì wù ú lè fi Yorùbá kọ àpilẹ̀kọ ẹ̀ látòkè délẹ̀. Ọdún àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé e fún mi, mo gbé ìwé òfin dání, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á fún wọn láti ojú ewé àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn, wákàtí kan àbọ̀ gbáko. Bàbá kan tó jókòó síwájú, tíṣà àgbà tó ti fẹ̀yìn tì, hanrun. Nígbà tí mo parí tí mo ní ṣé ẹnikẹ́ni ní ìbéèrè, ìbéèrè kan ṣoṣo tó wá ni pé níbo ni ilé ìtọ̀ wà.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo lọ tú kọ́bọ́ọ̀dù dípátímẹ́ǹtì wò, mo ń wá fáìlì àwọn tó wọlé tí wọn ò jáde. Mo rò pé iṣẹ́ ló le jù fún wọn, àṣé rárá o. Púpọ̀ nínú wọn ti ṣe gbogbo kọ́ọ̀sì tán. Ohun tó dá wọn dúró ò ju mẹ́ta náà lọ: wọn ò forúkọ sílẹ̀ nígbà tó yẹ, àárín àwọn àti alábòójútó wọn dàrú, tàbí kí iṣẹ́ wọn ní ọwọ́ ẹlòmíì nínú. Látìgbà náà, òfin mẹ́ta yìí nìkan ni mo ń fẹnu sọ lọ́jọ́ ìkínikáàbọ̀, ìyókù wà nínú ìwé, kí wọ́n lọ kà á nílé. Ẹ jẹ́ kí n fi bí mo ṣe ń ṣe é hàn yín, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí mo ń sọ gan-an, ẹ lè mú un bẹ́ẹ̀ kẹ́ ẹ sì fi ti dípátímẹ́ǹtì yín rọ́pò ibi tó bá yẹ.

Igbésẹ̀ 1: Ohun tẹ́ ẹ máa ṣe kí ọjọ́ ọ̀hún tó pé

Ní bí ọ̀sẹ̀ méjì sí i, ẹ fẹsẹ̀ yín rìn lọ sí ọ́fíìsì pí-jí, ẹ má pè wọ́n lórí fóònù, torí ẹni tó gbé fóònù lè máà mọ̀. Nǹkan mẹ́ta lẹ máa bi wọ́n: ọjọ́ wo ni ìforúkọsílẹ̀ sẹ́ṣọ̀n yìí máa tì, èló ni owó ìtanràn fún ẹni tó bá pẹ́, àti pé sẹ́ṣọ̀n mélòó ni èèyàn lè lò jù kí wọ́n tó yọ orúkọ ẹ̀. Ẹ kọ ìdáhùn sílẹ̀, kẹ́ ẹ kọ orúkọ ẹni tó sọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ẹ má lo ti èṣí o, mo ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí, mo pe ọjọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ fáwọn èèyàn, ọmọ mẹ́rin ló sanwó ìtanràn nítorí ẹnu mi.

Èkejì, ẹ bá àwọn olùkọ́ tó ń ṣe alábòójútó sọ̀rọ̀ ṣáájú. Èyí ṣe pàtàkì ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ. Ẹ máa sọ fáwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni olùkọ́ ní láti fi ka orí kan kó sì dá a padà, tó bá wá jẹ́ pé iwájú àwọn ọmọ ni ọ̀jọ̀gbọ́n kan ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ, ó máa gbàgbọ́ pé òun lẹ ń bá wí. Ẹ gbé e lọ sí ìpàdé dípátímẹ́ǹtì, ẹ jẹ́ kí wọ́n jà á níbẹ̀ kí wọ́n fẹnu kò sórí iye ọ̀sẹ̀ kan. Tí wọ́n bá ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, kó jẹ́ mẹ́rin. Iye tí gbogbo wọn fọwọ́ sí nìkan ni kẹ́ ẹ gbé jáde.

Ogójì ìṣẹ́jú péré ni kẹ́ ẹ dá fún ara yín. Ọjọ́ Jímọ̀ ọ̀sán ò dáa torí ìrun, Mọ́ńdè náà ò dáa torí àwọn tó ń bọ̀ láti Èkó tàbí Ìlọrin máa wà lójú ọ̀nà. Ọjọ́rú, aago mẹ́wàá àárọ̀, ló bá tiwa mu.

Igbésẹ̀ 2: Ìkíni, ìṣẹ́jú márùn-ún

Ẹ ṣọ́ra fún "ẹ̀yin ọmọ mi". Nínú àwọn tó jókòó síbẹ̀, ẹ máa rí ẹni tó ju ẹ̀yin gan-an lọ, ọ̀gá ilé-ìwé gíga tó ti fẹ̀yìn tì, pásítọ̀, ìyá tó ti ní ọmọ ọmọ. Ẹ tún rántí pé ẹni tó gboyè àkọ́kọ́ lọ́dọ̀ yín ti mọ gbogbo kọ̀rọ̀, àmọ́ ẹni tó ti ibòmíì wá ò mọ nǹkan kan, bẹ́ẹ̀ ni ojú sì máa ń tì í láti béèrè. Báyìí lèmi ṣe ń sọ ọ́:

> Ẹ káàbọ̀ o, ẹ kú ìrìn, ẹ kú ewu ọ̀nà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jù wá lọ nínú ilé yìí, a kí yín tọwọ́tẹsẹ̀, ẹ̀yin ojúgbà wa àtẹ̀yin àbúrò wa náà, ẹ kú àbọ̀. Orúkọ mi ni báyìí báyìí, èmi ni kọdinétọ̀ yín, yàrá mi ni ìkẹta lápá òsì tẹ́ ẹ bá gun àtẹ̀gùn. Ọjọ́ Tusidé àti Tọ́sìdeè, aago méjìlá sí aago méjì, ilẹ̀kùn mi ṣí, ẹ ò nílò kẹ́ ẹ bẹ ẹnikẹ́ni kẹ́ ẹ tó wọlé.

Lẹ́yìn náà ni kẹ́ ẹ wá darúkọ olórí dípátímẹ́ǹtì, àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n, àtàwọn olùkọ́ yòókù bí wọ́n ṣe jura wọn lọ. Ẹ má fo ẹnikẹ́ni, ẹ jọ̀ọ́, ìjà ọdún kan lè ti ibẹ̀ yẹn ṣẹ́yọ. Ṣùgbọ́n àwọn méjì kan wà tí wọ́n máa ń gbàgbé: akọ̀wé dípátímẹ́ǹtì àti ẹni tó ń gbé fáìlì kiri. Èmi máa ń ní kí wọ́n dìde, kí gbogbo ayé rí wọn. Ìdí ẹ̀ ni pé tí lẹ́tà èèyàn bá ti há síbìkan láàárín dípátímẹ́ǹtì àti ọ́fíìsì pí-jí, ọ̀jọ̀gbọ́n ò ní mọ ibi tó wà, ẹni tó gbé fáìlì ló máa mọ̀.

Igbésẹ̀ 3: Òfin kìíní, ìforúkọsílẹ̀

Ibí ni kẹ́ ẹ ti lo àkókò jù. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni pé akẹ́kọ̀ọ́ máa ń rò pé kọ́ọ̀sì lèèyàn ń forúkọ sílẹ̀ fún, nítorí náà tó bá ti ṣe kọ́ọ̀sì tán tó wá ku àpilẹ̀kọ nìkan, kí ló tún fẹ́ forúkọ sílẹ̀ fún? Ẹ ò lè bá a wí, bó ṣe rí nìyẹn lójú ẹni tí kò mọ̀. Ẹ fi ìtàn kan là á yé wọn, kó má jẹ́ òfin gbígbẹ. Èmi máa ń sọ ti arábìnrin kan, mi ò ní dárúkọ ẹ̀, bí ẹ̀yin náà bá ń sọ tiyín ẹ má dárúkọ.

Arábìnrin yìí wọlé fún másítà, ó san owó sẹ́ṣọ̀n àkọ́kọ́, ó ṣe kọ́ọ̀sì, máàkì ẹ̀ dáa. Ló bá ríṣẹ́ sí Èkó. Ó ń kọ iṣẹ́ ẹ̀ lálaalẹ́, ó ń fi orí kọ̀ọ̀kan ránṣẹ́ sí alábòójútó lórí ìmeèlì, alábòójútó náà ń kà á, ó ń dá a padà, kò sẹ́ni tó rántí bi í pé ṣé o ti forúkọ sílẹ̀. Sẹ́ṣọ̀n kan kọjá, ìkejì kọjá. Ọjọ́ tó gbé àpilẹ̀kọ ẹ̀ dé, tó ti bò ó ní páálí, tá a fẹ́ kọ̀wé pe olùyẹ̀wò láti yunifásítì mìíràn, a ṣí orúkọ ẹ̀ lórí pọ́tà, kò sí. Kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ mọ́. A ò sì lè pe olùyẹ̀wò fún ẹni tí kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì tó wà níwájú ọ́fíìsì mi, ó gbé ìwé yẹn lé itan, kò tiẹ̀ sunkún, ó kàn ń fọwọ́ pa á lórí bí ẹni pé ọmọ ni.

Ẹ wá ṣe ìṣirò ẹ̀ lórí bọ́ọ̀dù, lójú wọn. Ká ní owó sẹ́ṣọ̀n kan jẹ́ 150,000 náírà, ìtanràn sì jẹ́ 25,000 fún sẹ́ṣọ̀n kọ̀ọ̀kan téèyàn bá fò. Sẹ́ṣọ̀n méjì tó fò, 300,000. Ìtanràn méjì, 50,000. Sẹ́ṣọ̀n tó wà nínú ẹ̀ báyìí, 150,000 mìíràn. Àpapọ̀ ẹ̀ 500,000 náírà, ó sì gbọ́dọ̀ san án lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyẹn tí wọ́n bá gba lẹ́tà ẹ̀bẹ̀ ẹ̀ o, torí lẹ́tà yẹn máa ti ọwọ́ alábòójútó dé ọwọ́ mi, kó dé ọwọ́ olórí dípátímẹ́ǹtì, kó dé fákọ́tì, kó tó wá dé ibi tí wọ́n ti máa dá ẹjọ́ ẹ̀, ìgbìmọ̀ yẹn kì í sì í jókòó lójoojúmọ́. Tẹ́ ẹ bá kọ 500,000 sórí bọ́ọ̀dù tẹ́ ẹ sì fa ìlà sábẹ́ ẹ̀, kò sẹ́ni tó máa sùn. Owó ilé-ìwé yín gan-an ni kẹ́ ẹ lò, ẹ má lo tèmi.

> Sẹ́ṣọ̀n kọ̀ọ̀kan tẹ́ ẹ bá ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ wa, ẹ máa forúkọ sílẹ̀. Ẹ wà ní kíláàsì o, ẹ ò sí ní kíláàsì o, ó ku ojú ewé kan péré o, ẹ máa forúkọ sílẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ti sanwó, ẹ tẹ risíìtì jáde ní ẹ̀dà mẹ́ta, ọ̀kan fún dípátímẹ́ǹtì, ọ̀kan fún ọ́fíìsì pí-jí, ọ̀kan fún yín. Tiyín yẹn, ẹ má fún ẹnikẹ́ni, bó tiẹ̀ jẹ́ èmi ni mo béèrè ẹ̀. Bí àìsàn tàbí oyún tàbí iṣẹ́ bá fẹ́ dá yín dúró, ẹ kọ̀wé pé ẹ fẹ́ sinmi fún sẹ́ṣọ̀n kan kí sẹ́ṣọ̀n ọ̀hún tó bẹ̀rẹ̀, kó má jẹ́ pé ẹ̀yìn tó ti kọjá ni.

Ìbéèrè kan máa ń wá níbí láìkù síbì kan: tí Áàsùú bá da iṣẹ́ sílẹ̀ ńkọ́? Àwọn tó wà nílé-ìwé lọ́dún 2022 mọ ohun tí wọ́n ń sọ, oṣù mẹ́jọ gbáko ni, láti February 14 sí October 14. Èsì tí mo máa ń fún wọn ni pé sẹ́ṣọ̀n là ń kà, a kì í ka ọdún orí kàlẹ́ńdà. Bí yunifásítì bá tì, tí kàlẹ́ńdà sẹ́ṣọ̀n sì sún síwájú, ti gbogbo yín sún síwájú nìyẹn. Àmọ́ kẹ́ ẹ bi ọ́fíìsì pí-jí tiyín léèrè kẹ́ ẹ tó sọ ọ́ o, kẹ́ ẹ má lọ ṣèlérí tí kò sí lọ́wọ́ yín.

Igbésẹ̀ 4: Òfin kejì, àárín àwọn àti alábòójútó

Ọ̀rọ̀ yìí gba ọgbọ́n torí a ti tọ́ wọn dàgbà pé ọmọdé kì í rán àgbà létí. Orí kan á wà lọ́wọ́ ọ̀jọ̀gbọ́n fún oṣù mẹ́rin, akẹ́kọ̀ọ́ ò ní lè sọ̀rọ̀, á kàn máa wá dọ̀bálẹ̀ kí wọn ní kọ́rídọ̀, á ní "sà, mo ní kí n kí yín ni", á sì padà sílé. Ọ̀jọ̀gbọ́n rò pé ọmọ dáadáa tó wá kí òun ni, ọmọ náà sì rò pé òun ti rán wọn létí. Àwọn méjèèjì ò sọ nǹkan kan. Ẹ kúkú fún wọn ní ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa lò, ẹ kọ ọ́ sórí bọ́ọ̀dù kí wọ́n dà á kọ.

> Tẹ́ ẹ bá fẹ́ rán wọn létí, ẹ má kọ "gúùdù mọ́nìn sà" sórí wọ́sáàpù kẹ́ ẹ wá dákẹ́ kẹ́ ẹ máa wo àmì aláwọ̀ búlúù. Ẹ kọ gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan: "Ẹ káàárọ̀ sà. Èmi lágbájá, akẹ́kọ̀ọ́ yín tó ń ṣiṣẹ́ lórí ẹkún ìyàwó. Ọjọ́ kẹta oṣù yìí ni mo fún yín ní orí kejì. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé mo lè wá gbọ́ èrò yín lọ́jọ́ Tọ́sìdeè, àbí ọjọ́ mìíràn wà tó rọ̀ yín lọ́rùn jù?" Tí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta bá pé tí ẹ ò gbọ́ nǹkan kan, ẹ kọ èyí. Tí ọ̀sẹ̀ kan mìíràn bá tún kọjá, ẹ wá bá mi, mi ò ní pariwo, èmi náà ò ní sọ pé ẹ fẹjọ́ sùn.

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe rí: ìkíni wà níbẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n fi iṣẹ́ sílẹ̀ wà níbẹ̀, ohun tí wọ́n ń fẹ́ náà wà níbẹ̀, kò sì sí ìbáwí kankan nínú ẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní dípátímẹ́ǹtì wa sọ fún mi pé láti ìgbà táwọn ọmọ ti ń kọ ọ́ báyìí, òun gan-an ń ríran, torí tẹ́lẹ̀ òun ò mọ̀ pé orí wo ló wà lọ́wọ́ òun.

Èkejì ni ìwé àkọsílẹ̀. Kí kálukú ra ìwé onílà kan tí kò ju ọgọ́ta ojú ewé lọ. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá rí alábòójútó, kí wọ́n kọ ọjọ́, ohun tí wọ́n sọ, àti ohun tí wọ́n ní kí wọ́n lọ ṣe, kí alábòójútó wá fọwọ́ sí i nísàlẹ̀. Ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ bá di "èmi ò sọ bẹ́ẹ̀", ìwé yẹn ló máa sọ̀rọ̀. Ó sì tún ń ran olùkọ́ lọ́wọ́ pàápàá, torí ẹni tó ní akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́sàn-án, báwo ló ṣe fẹ́ rántí ohun tó sọ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan?

Ẹ wá sọ èyí tó kù ní gbólóhùn méjì, ẹ má fi ṣe ẹ̀fẹ̀, ẹ má rẹ́rìn-ín nígbà tẹ́ ẹ bá ń sọ ọ́:

> Alábòójútó yín ò lẹ́tọ̀ọ́ láti rán yín lọ sọ́jà tàbí láti gbowó lọ́wọ́ yín, ẹ ò sì gbọ́dọ̀ ra ohun jíjẹ fún ẹnikẹ́ni lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá ń gbèjà àpilẹ̀kọ yín. Ẹnikẹ́ni tó bá fi ọ̀rọ̀ ìfẹ́ tàbí ìbálòpọ̀ lọ̀ yín nítorí máàkì, obìnrin ni yín o, ọkùnrin ni yín o, ẹ má dá a gbé, nọ́ńbà ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ wà nínú ìwé tẹ́ ẹ mú lọ́wọ́.

Igbésẹ̀ 5: Òfin kẹta, iṣẹ́ oníṣẹ́

Gbogbo ilé-ìwé ló ń sọ èyí, ibi tí wọ́n sì ń parí ẹ̀ sí ni pé iye tí Turnitin bá gbé jáde ò gbọ́dọ̀ ju báyìí lọ. Ní dípátímẹ́ǹtì bíi tiwa, ìyẹn ò tó, ó tiẹ̀ lè ṣi èèyàn lọ́nà. Sọ́fútíwíà yẹn ń fi ọ̀rọ̀ wé ọ̀rọ̀ ni. Ẹni tó bá gbé àpilẹ̀kọ èdè Gẹ̀ẹ́sì ẹlòmíì, tó wá túmọ̀ ẹ̀ sí Yorùbá ní ìpínrọ̀ kan tẹ̀ lé òmíràn, ó lè máà rí i rárá. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ṣe bẹ́ẹ̀ rí, iye tó gbé jáde fún un jẹ́ 6 nínú ọgọ́rùn-ún, ó ń yọ̀. Èmi kàn ka ojú ewé mẹ́ta, mo rí "ní òpin ọjọ́ náà, a lè sọ pé Ifá kó ipa pàtàkì". Òpin ọjọ́ wo? Ṣé ọjọ́ rọ̀ ni? Yorùbá wo ló ń sọ̀rọ̀ báyẹn? Mo pè é, mo ní kó ṣàlàyé ohun tó ní lọ́kàn fún mi láìwo ìwé, kò lè ṣe é. Ó wá jẹ́wọ́ fúnra ẹ̀.

> Tẹ́ ẹ bá túmọ̀ èrò ẹlòmíì sí Yorùbá, èrò ẹlòmíì ló ṣì jẹ́, ẹ dárúkọ ẹ̀, ẹ kọ ọdún ẹ̀, ẹ kọ ojú ewé ẹ̀. Nọ́ńbà tó kéré lórí Turnitin kò sọ pé iṣẹ́ yín mọ́.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ abẹ́nà ìmọ̀, ìyẹn ẹni tí wọ́n lọ gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ẹ̀. Àwọn ọmọ wa ń lọ gba oríkì sílẹ̀ ní Ọ̀fà, wọ́n ń gba ẹsẹ Ifá ní Ọ̀yọ́, ìjálá lọ́dọ̀ ọdẹ, wọ́n á wá kọ ọ́ pé "àwọn Yorùbá máa ń sọ pé". Àwọn Yorùbá wo? Bàbá kan pàtó ló jókòó sórí àpótí tó ki oríkì yẹn. Kí wọ́n tó tan ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀, kí wọ́n sọ fún un pé iṣẹ́ ilé-ìwé ni, pé wọ́n á kọ ọ́ sínú ìwé, kí wọ́n bi í bóyá ó fẹ́ kí orúkọ òun wà níbẹ̀ àbí kò fẹ́. Kí ìdáhùn ẹ̀ wà nínú ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ gan-an, torí bàbá tí kò mọ̀wé kọ ò lè fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù. Àwọn nǹkan tí a máa ń rí nínú àpilẹ̀kọ tó dáa ni orúkọ abẹ́nà ìmọ̀ tó bá gbà bẹ́ẹ̀, ọjọ́ orí, ìlú, iṣẹ́ tó ń ṣe, àti ọjọ́ tí wọ́n gbà á sílẹ̀. Bó bá sì ní awo ni ibi kan, pé kí wọ́n má kọ ọ́, kí wọ́n má kọ ọ́. Mo máa ń tún un sọ lẹ́ẹ̀mejì, torí ibẹ̀ ni ojú kòkòrò máa ń wọ̀ wọ́n jù.

Ẹ fi ọ̀rọ̀ sípẹ́lì àti àmì ohùn kún un ní ìṣẹ́jú méjì, torí ọ̀rọ̀ yìí máa padà dé bá ẹni tó bá fẹ́ fi Yorùbá kọ iṣẹ́. Àkọtọ́ 1974 là ń lò, nítorí náà ayé la máa ń kọ, kì í ṣe "aiye", ẹyẹ ni, kì í ṣe "ẹiyẹ", yóò ni, kì í ṣe "yio". Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ń fa ọ̀rọ̀ yọ látinú ìwé àtijọ́, kí wọ́n fi í sílẹ̀ bí ẹni tó kọ ọ́ ṣe kọ ọ́. Ti fọ́ǹtì wá ni o. Àwọn fọ́ǹtì àtijọ́ kan wà tí wọ́n kàn gbé ẹ àti ọ sí àyè lẹ́tà mìíràn, á hàn dáadáa lórí kọ̀ǹpútà tiyín, tó bá dé orí ti olùyẹ̀wò á di ìdọ̀tí. Ìdánwò tí mo ń fún wọn rọrùn: kẹ́ ẹ tó tẹ ojú ewé kan, ẹ tẹ "Ọ̀ṣọ́ọ̀sì" sínú fáìlì, ẹ fi ránṣẹ́ sí fóònù ọ̀rẹ́ yín, bí kò bá hàn bẹ́ ẹ ṣe kọ ọ́, ẹ pààrọ̀ fọ́ǹtì tàbí kíbọ́ọ̀dù lónìí, ẹ má dúró dìgbà tẹ́ ẹ bá ti kọ 200 ojú ewé. Ọmọkùnrin kan dúró. Oṣù kan ààbọ̀ ló fi tún gbogbo àmì orí ìwé ẹ̀ fi sí, ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Igbésẹ̀ 6: Ìbéèrè, àti ìwé pélébé

Tẹ́ ẹ bá ní "ṣé ìbéèrè wà", wọ́n á dákẹ́. Ẹni tó bá béèrè lójú ọ̀jọ̀gbọ́n máa rò pé wọ́n á máa wo òun bí òpè. Ohun tí mo ń ṣe ni pé mo máa ń pín ìwé pélébé fún wọn, kálukú á kọ ìbéèrè kan láìkọ orúkọ, wọ́n á dà á sínú fìlà mi, mo máa ń ka gbogbo ẹ̀ sókè mo sì ń dáhùn. Ibẹ̀ ni òótọ́ ti ń jáde: "ṣé mo lè pààrọ̀ alábòójútó tá ò bá bára wa mu?", "mi ò tíì gba sátífíkéètì agùnbánirọ̀, ṣé wọ́n á lé mi?", "ọkọ mi ò mọ̀ pé mo wọlé, ṣé ẹ máa kọ lẹ́tà sílé?". Èyí tẹ́ ẹ ò bá mọ̀, ẹ sọ pé ẹ ò mọ̀, pé ẹ máa béèrè kẹ́ ẹ sì fi èsì sórí wọ́sáàpù kí ọ̀sẹ̀ tó parí.

Kí wọ́n tó dìde, kí wọ́n kọ nǹkan mẹ́ta sórí ìwé mìíràn kí wọ́n buwọ́ lù ú: ọjọ́ tí ìforúkọsílẹ̀ máa tì, iye ọ̀sẹ̀ tí alábòójútó ní láti fi dá orí kan padà, àti ohun tí wọ́n gbọ́dọ̀ kọ sílẹ̀ nípa abẹ́nà ìmọ̀. Ẹ má ka ìdáhùn fún wọn, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn kọ ọ́. Kẹ́ ẹ sì kà á lójú ẹsẹ̀, torí ibẹ̀ lẹ ti máa mọ èyí tí kò wọlé. Lọ́dún kan, ó ju ìdajì wọn lọ tó kọ ọjọ́ ìforúkọsílẹ̀ sí ọjọ́ tí kì í ṣe é, kí n tó mọ̀ pé èmi gan-an ló sọ̀rọ̀ kíákíá jù níbẹ̀. Mo tún un sọ kí wọ́n tó jáde.

Ìwé yẹn, ẹ fi sínú fáìlì kálukú. Tó bá wá di Mọ́ńdè, ẹ mú orúkọ àwọn tí wọ́n gbà wọlé, kẹ́ ẹ fi wé àwọn ìwé tó wà lọ́wọ́ yín, ẹni tí ìwé ẹ̀ ò bá sí níbẹ̀ ò wá nìyẹn. Ẹ pè é lórí fóònù fúnra yín, ẹ má fi sílẹ̀ fún wọ́sáàpù, torí ẹni tí kò wá síbi ìkínikáàbọ̀ sábà máa ń jẹ́ ẹni tí kò tíì sanwó, ọjọ́ tó kù fún un kí pọ́tà tó tì ò sì pọ̀ mọ́.